Ẹsẹ̀ Òsì Bẹ́ẹ̀dì Kẹta

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn Dókítà Ṣóbọ̀wálé nínú fóònù, ẹ ó rò pé ọjà ló ń ná. Oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Aago méje àárọ̀ ló máa ń yí wọ́ọ̀dù wa ká, ní ilé ìwòsàn aládàáni wa tó wà lẹ́yìn títì Ìgàndó. Yóò ti tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú fóònù rẹ̀, yóò sì tì í bọ àpò àyà. Gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé bẹ́ẹ̀dì kẹjọ, inú ibẹ̀ ló ń lọ: ti aláìsàn, ti jẹnẹrétọ̀, ti bọ́ọ̀lù àná, ti ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó. Tó bá parí, á fi ránṣẹ́ sí mi, á sì kọjá sí ilé ìwòsàn mìíràn, torí ibi mẹ́ta ló ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi ni mo ń sọ ọ́ di àkọsílẹ̀. Tolúwalọpẹ́ lorúkọ mi, ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi o. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún mi, torí inú máa ń bí mi tí mo bá rí àkọsílẹ̀ tó rí játijàti. Ilé ìwòsàn ti ra áàpù kan tó ní òun lè sọ ohùn di ìwé. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ibi tí Dókítà bá ti sọ Yorùbá, áàpù náà á kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú èdè ẹnikẹ́ni. A pa á tì. Etí mi àti ìka mi ló kù.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ìṣòro kọ̀ọ̀kan tó bá ní, mo máa ń fún un ní àkọlé: ojú iṣẹ́ abẹ lọ́tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́tọ̀, ìtọ̀ ṣúgà lọ́tọ̀. Lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà mẹ́rin. S ni ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ. O ni ohun tí a fojú rí, tí a fọwọ́ kàn, tàbí tí ẹ̀rọ wọ̀n. A ni ohun tí a rò pé ó ń ṣẹlẹ̀. P ni ohun tí a máa ṣe, ẹni tí yóò ṣe é àti ìgbà tí yóò ṣe é. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n: ọ̀rọ̀ wákàtí kan láti ẹnu Dókítà Ṣóbọ̀wálé, lọ́wọ́ mi, kì í ju ojú ìwé mẹ́jọ lọ, gbogbo rẹ̀ á sì mọ́ tónítóní. Tí a bá pe lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lédè òyìnbó, ọṣẹ ni. Ìdí nìyẹn tí Sístà Susanna, nọ́ọ̀sì àgbà wa, fi sọ mí ní Dókítà Ọlọ́ṣẹ. Mo máa ń ṣe bíi pé orúkọ náà ń bí mi nínú. Irọ́ ni, ó ń dùn mọ́ mi.

Mo ní òfin kan. Bí mo bá gbọ́ àṣẹ nínú ohùn náà tí n kò sì mọ aláìsàn tó ni ín, n kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n orí mi pín in. Mo gbọ́dọ̀ fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀, kí n pe Dókítà lórí fóònù kí n tó kọ ohunkóhun. Èmi ni mo ṣòfin yìí fúnra mi. Èmi náà ni mo rú u.

Àlàájì Nùrẹ́nì ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń rán agbádá ní Ìkòtún. Ìpá ló dè é mọ́lẹ̀: ìfun há síbẹ̀, apá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú, Dókítà Ṣóbọ̀wálé sì gé ibi tó bàjẹ́, ó rán ìyókù pọ̀. Iṣẹ́ abẹ náà dára. Bàbá náà fúnra rẹ̀ yẹ ojú ọgbẹ́ wò ní ọjọ́ kejì, ó ní ẹni tó rán an mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mubarakah, tó ń ṣe tíṣà ní Akọ́wọ́njọ, ló ń tọ́jú rẹ̀. Tó bá ti jáde níléèwé, á gbé ògì gbígbóná wá.

Ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, Ọ̀gbẹ́ni Richard, òṣìṣẹ́ báńkì, ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Irin ló ha á lẹ́sẹ̀ òsì, kòkòrò àrùn sì gba ibẹ̀ wọ abẹ́ awọ. Ẹsẹ̀ náà pọ́n, ó wú, ó gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ òsì Richard yìí sọ́kàn, torí òun ló tàn mí jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Láago méje tí Dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, èmi wà ní tíátà, à ń gbẹ̀bí aláboyún kan tí ọmọ rẹ̀ dábùú. Nọ́ọ̀sì òru ló tẹ̀lé Dókítà, nígbà tí mo sì máa jáde, ó ti fi iṣẹ́ lé Sístà Susanna lọ́wọ́, ó ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní àdúgbò Command. Ó kàn sọ pé gbogbo àṣẹ Dókítà wà nínú ohùn. Aago mọ́kànlá ni mo tó jókòó. Ebi ń pa mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ohùn náà sì gùn tó ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta. Mo ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti bí oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀: mo ní kí fóònù máa sá ọ̀rọ̀ náà léré ní ìlọ́po méjì. Ó ti mọ́ mi lára. Dókítà á máa dún bí ẹyẹ, èmi á máa kọ̀wé.

"Bẹ́ẹ̀dì kẹta. Àlàájì! Ẹ kú àárọ̀ sà. Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Dókítà. Ara ti ń yá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé sà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ikùn rọ̀, ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ta ló gbé àga síbí ná? Mo fẹ́ẹ̀ fi fọ́ orúnkún jàre. Ó ti yàgbẹ́ lánàá. Kò níbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àádọ́jọ lórí àádọ́rùn-ún. Ọkàn ń lù ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, hmn, ó yá díẹ̀, bóyá ìrora ni. Ẹ yọ rọ́bà ìtọ̀ yẹn, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Sístà, fáànù yìí ń dún bíi mọ́tò o, ẹ ní kí wọ́n wá wò ó. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Richard! Ẹsẹ̀ ńkọ́? Pupa yẹn ti ń sún sẹ́yìn. Ṣé ẹ wo bọ́ọ̀lù àná? Àwọn ọmọ yẹn ò fẹ́ sáré mọ́ ṣá."

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ohùn kékeré, abẹ́ ariwo fáànù. Mo rò pé àlejò ni. Àlejò máa ń sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, èmi kì í kọ ti àlejò. Lẹ́yìn náà Dókítà tún bọ́ síbẹ̀:

"Ehn? Ẹ jẹ́ n wò ó. Hmn. Òsì yìí tóbi ju ọ̀tún lọ o. Ó gbóná díẹ̀. Ẹ wọn ẹran ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì, sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá sísàlẹ̀ eegun tó yọ lábẹ́ orúnkún. Tí òsì bá fi sẹ̀ńtímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju ọ̀tún, ẹ gbé e lọ ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ lónìí. Ẹ má dúró de àwòrán o, ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Richard, oògùn yín, ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ méje."

Ṣé ẹ rí i? Dókítà ò pe nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì. Òfin mi ní kí n fi àmì ìbéèrè síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀rọ̀ Richard ni àṣẹ náà bọ́ sí, ẹsẹ̀ òsì Richard ló wú, ẹsẹ̀ òsì Richard ló gbóná. Ó mu gẹ́lẹ́. Ohun tó bá mu gẹ́lẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn béèrè. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo rí ibi tí mo máa fi í sí. Lábẹ́ àkọlé ẹsẹ̀ Richard, mo kọ P tó ní ìlà mẹ́ta: ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ ya àwòrán, ẹ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́.

Ti bẹ́ẹ̀dì kẹta kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Àkọlé kìíní, iṣẹ́ abẹ ìpá, ọjọ́ kẹrin. S: kò ní ẹ̀dùn kankan, ó ní ara òun ti ń yá. O: ikùn rọ̀, ojú ọgbẹ́ gbẹ, ọkàn ń lù ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. A: ó ń gbádùn, ìrora díẹ̀. P: ẹ yọ rọ́bà, kó máa rìn. Àkọlé kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó rẹwà lójú mi. Ọkàn tó ń yára lù yẹn ì bá ti jẹ́ ká fura, ṣùgbọ́n nígbà tí S ti sọ pé kò sí nǹkan, ta ni yóò tún wo O lẹ́ẹ̀mejì?

Dókítà Ṣóbọ̀wálé fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Ó tún kọ ránṣẹ́ sí mi pé, "Ó mọ́ kedere. O ṣeun."

Lọ́sàn-án, Sístà Susanna mú téèpù, ó lọ bá Richard. Òsì fi sẹ̀ńtímítà mẹ́rin ju ọ̀tún lọ, bó ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ tó ní kòkòrò rí. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n ya àwòrán. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Gbogbo wa yọ̀ fún Richard.

Èmi kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mò ń sáré padà sí tíátà. Mo rí Àlàájì lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

"Bàbá, ṣé ooru ló ń mú yín ni, àbí ẹ fẹ́ sọdá odò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè sí mi. "Iṣẹ́ á rọrùn o, ọmọ mi. Mò ń dúró dè wọ́n ni."

Mo rò pé Mubarakah àti ògì rẹ̀ ló ń dúró dè. Téèpù ló ń dúró dè. Ó ti gbọ́ àṣẹ Dókítà pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ó ti rí Sístà Susanna tó fi téèpù wọn ẹsẹ̀ Richard lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbà pé òun ló kàn. Ó ká ṣòkòtò sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá wọn. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún wọn ara èèyàn kò lè rò pé ẹni tó mú téèpù wá máa gbàgbé ẹni tó kù lórí ìlà. Àárín èmi àti ẹsẹ̀ náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Mo ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì sáré lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ abẹ dá Dókítà dúró ní ilé ìwòsàn mìíràn, kò tíì wá yí wọ́ọ̀dù ká. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, Sístà Susanna di apá Àlàájì mú kó máa rìn, bí ìwé mi ṣe wí. Ó rìn dé ibi ìfọwọ́. Ó ní kí Sístà jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, mímí ń nira fún òun. Lẹ́yìn náà ó ṣubú. Mo gbọ́ igbe, mo sá dé. A tẹ àyà rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, a gba ipò lọ́wọ́ ara wa, òógùn bò wá. Kò padà.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ́ ẹ dáadáa, Sístà Susanna ni ó pè mí. Kò pè mí ní Ọlọ́ṣẹ.

"Dókítà, ẹ wá wo ẹsẹ̀ yìí."

Ẹsẹ̀ òsì wú láti kókósẹ̀ dé orúnkún. Ó mú téèpù jáde lápò rẹ̀, ó ka sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá sísàlẹ̀ orúnkún, ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Mi ò mọ ìdí tó fi wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá iṣẹ́ ṣe ni. Sẹ̀ńtímítà márùn-ún ló fi tóbi ju ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà. Ó já, ó gòkè, ó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a gún Richard, òun ló yẹ ká gún.

Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Èmi ti ìlẹ̀kùn yàrá àwọn dókítà, mo jókòó, mo jẹ́ kí ohùn náà máa lọ bí ẹnu Dókítà ṣe sọ ọ́, láìsáré. Nígbà tó dé ibi àlejò tí èmi ò kọ, mo gbé fóònù súnmọ́ etí.

"Dókítà, ẹ má bínú pé mo tún pè yín padà. Ẹsẹ̀ mi òsì yìí, láti àná ló ti wúwo. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dùn mí lẹ́yìn."

Kì í ṣe ohùn tó ṣòro gbọ́. Bí mo bá ti jẹ́ kó rìn bí ọ̀rọ̀ ọmọ èèyàn ṣe ń rìn, ǹ bá ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn àṣẹ Dókítà, Bàbá ṣì sọ̀rọ̀ sí i. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ bó ṣe ń jẹni lára.

Dókítà Ṣóbọ̀wálé dé ní aago márùn-ún. Mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, mo jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó ní kí n tún un tàn, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"N ò pe nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì," ó wí níkẹyìn. "Mo yí padà, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ̀rọ̀, n ò pe nọ́ńbà. Mo sì tún fọwọ́ síwèé láìkà á dáadáa. Ẹ̀bi mi ni, Lọpẹ́."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ó ṣe mí bíi kí n gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn ńlá fẹ́ gbé ẹrù kúrò lórí mi, ọrùn mi sì ń ro mí. Mo sọ fún un pé mo sá ohùn náà léré ní ìlọ́po méjì. Mo sọ ti òfin mi tí mo rú. Ó wò mí, kò bú mi. Èébú ì bá sàn.

"Ó yẹ ká ti pa ohùn yìí rẹ́," ó ní. "Òfin ilé ìwòsàn ni pé tí a bá ti fọwọ́ síwèé, ká pa ohùn rẹ́."

"Mi ò tíì pa á rẹ́ sà."

Ó dìde, ó lọ dúró sójú fèrèsé. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí ó wà lọ́kàn tèmi náà. Kò sẹ́ni tó máa bi wá. Ìwé wà nílẹ̀, ó mọ́, ó ní ìbuwọ́lù, ó ní ara Bàbá ti ń yá. Èèyàn máa ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

"Má pa á rẹ́," ó wí. "Ọmọ wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì wá gba ìwé ikú. A jọ máa sọ fún un."

Mo gé ibi tó kan Bàbá nìkan sọ́tọ̀, torí ọ̀rọ̀ àìsàn Richard kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn gbọdọ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Mubarakah wọlé pẹ̀lú hìjáàbù dúdú, ojú rẹ̀ ti wú. Dókítà Ṣóbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kí i kú ìdárò, ó sọ ti iṣẹ́ abẹ, ó sọ ti ọjọ́ orí, ó sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń dì lára ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ó bọ́ sórí ti bàbá tirẹ̀ tó kú ní ọdún kan báyìí. Mubarakah ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba Dókítà, kì í ṣe ẹ̀tàn. Síbẹ̀ n kò lè fara dà á. Mo já lu ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, ohun tí n kò ṣe rí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bàbá sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Dókítà ní ká wọ̀n ọ́n, ká fún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, orí ẹlòmíràn ni mo kọ ọ́ sí. Wọn ò rí ìtọ́jú yẹn gbà. Èmi ni."

Kò pariwo. Ó ní, "Mo bi wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní, Bàbá, ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì sọ ti ẹsẹ̀ yìí. Bàbá ní àwọn ti sọ fún ọ̀gá wọn, ọ̀gá ti pàṣẹ. Wọ́n ní tí àwọn bá tún ń sọ ọ́ káàkiri, á dà bíi pé àwọn ń fẹjọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ sùn." Ó nu ojú. "Ṣé ohùn wọn wà níbẹ̀?"

Mo tan án. Nígbà tí àṣẹ Dókítà parí, mo na ọwọ́ láti pa á. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọn tán."

Ohùn Bàbá jáde láàárín ariwo fáànù. "Ọlọ́run á san yín lóore, Dókítà. Àti àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní í wá olùtọ́jú tì."

Dókítà Ṣóbọ̀wálé gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mubarakah kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọwọ́ mi, ó le, ó tutù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí lẹ wá kọ? Nínú ìwé yín, kí lẹ kọ pé bàbá mi sọ?"

Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Ó ka ìlà S. Ó tún un kà.

"Kò ní ẹ̀dùn kankan," ó kà á sókè. "Dókítà, ṣé ẹ̀yin kì í ṣe Yorùbá ni? Àgbàlagbà wo lẹ máa kí láàárọ̀ tí ò ní dúpẹ́? Ìkíni ni wọ́n ń dá padà. Ṣé ìkíni lẹ fi ń mọ̀ bóyá ara èèyàn yá?"

Ilé bàbá mi ni wọ́n ti kọ́ mi pé bó bá tilẹ̀ burú, a dúpẹ́ là á kọ́kọ́ sọ. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń wá ohun tí mo máa fi dí àlàfo kan lábẹ́ lẹ́tà kan, ìkíni ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ kọ ọ́," ni Mubarakah wí. "Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ìwé tí a bá ti fọwọ́ sí, a kì í pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Àfikún là ń kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, a ó fi ọjọ́ àti aago tí a kọ ọ́ sí i, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé ó pẹ́ kó tó dé. Mo wo Dókítà Ṣóbọ̀wálé. Ó mi orí pé kí n kọ ọ́. Mo kọ àkọlé tuntun: ẹsẹ̀ òsì wúwo, ó wú. Lábẹ́ S, mo kọ ọ̀rọ̀ Bàbá ní Yorùbá, láti "ẹ má bínú" títí dé òpin, n kò túmọ̀ rẹ̀. Lábẹ́ O, mo kọ pé Dókítà fojú rí i pé ó tóbi ju ọ̀tún, ó sì gbóná díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n títí ó fi kú. Lẹ́yìn ikú, ó fi sẹ̀ńtímítà márùn-ún ju ọ̀tún lọ. Lábẹ́ A, mo kọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Lábẹ́ P, mo kọ àṣẹ náà ní ìlà mẹ́ta, àti ọjọ́ tí Dókítà pàṣẹ náà.

Ó ku iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, níbi tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí. Mubarakah dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo kọ "a kò ṣe é" lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan.